Iná Pupa ní Kíṣìnì Kúbúrá

Kúbúrá kì í ka àárẹ̀ sí àìsàn. Láti ìgbà tó ti dé Peckham ni ara ríro ti ń bá a jí, tó sì ń bá a sùn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe ní Forest Hill. Yóò wẹ̀ wọ́n, yóò wọṣọ fún wọn, yóò rí i pé wọ́n lo oògùn wọn, yóò po tíì, yóò sì sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹni tó kàn. Sàká ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé ìtajà kan ní New Cross, orí ìdúró ló sì ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àmírà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, Roqeeb àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní pírámárì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gbé yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan lẹ́yìn Rye Lane.

Kíṣìnì ni ilé náà gan-an. Mítà tí wọ́n ní jẹ́ èyí téèyàn gbọ́dọ̀ sanwó sí kó tó lo iná, bí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná, ńṣe ni owó náà ń yọ́ bí ìgbà tí yìnyín bá rí oòrùn. Nítorí náà, bí òtútù bá ti dé, wọn kì í tan ẹ̀rọ yẹn àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀. Kíṣìnì ni gbogbo wọn ń rọ́ sí. Kúbúrá á gbé ẹ̀wà kaná, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri, àwọn ọmọ á sì jókòó ti tábìlì kékeré pẹ̀lú ìwé wọn. Bí oúnjẹ bá jinná tán, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ófìnì sílẹ̀, á jẹ́ kí iná rẹ̀ máa jó lọ díẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí nǹkan yá.

Kúkà gáàsì náà ti gbó. Inú ilé ni wọ́n bá a. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń yí i ti dá, ẹ̀mú ni Kúbúrá fi ń yí ìyẹn. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ bó ṣe lè rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ títí tí ẹ̀wà á fi máa hó jẹ́jẹ́ láìjóná, ó sì mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ iná dé bó bá fẹ́ ro àmàlà. Iná gáàsì kì í da èèyàn láàmú. Bó o bá ti rí i, o ti mọ bó ṣe gbóná tó.

Nígbà tí òtútù ọdún yẹn mú jù, Sàká ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ihò kan lára ògiri, lókè fèrèsé kíṣìnì. Ihò náà ní irin tó dà bí asẹ́ lójú rẹ̀. Ó gun àga, ó ki tówẹ́ẹ̀lì àlòkù bọ̀ ọ́, ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Àmírà, ẹ gbọ́wọ́ síbí. Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ kankan ṣì ń fẹ́ sí yín lọ́wọ́?"

Kúbúrá gbọ́wọ́ síbẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ó kí i kú iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kíṣìnì móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú gbogbo wọn sì dùn.

Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀yìn ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kúbúrá rò pé ọbẹ̀ ló ń hó dànù. Ó ń fi kànrìnkànrìn onírin ha ìkòkò rẹ̀ títí apá á fi máa ro ó, tó bá tún fi dáná lẹ́ẹ̀kan, yóò tún dúdú. Iná tó máa ń rí búlúù wá ń yọ ahọ́n pupa rúsúrúsú, ó ń gùn sókè, ó sì ń mì. Ó ní ọjọ́ ogbó ló dé bá kúkà náà. Ó ní òun á sọ fún Uncle Bánjí, onílé wọn. Ṣùgbọ́n Uncle Bánjí kì í gbé fóònù bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe, kò sì ya Kúbúrá lára láti pe ẹni tí kò ní gbé e.

Orí fífọ́ ló tẹ̀ lé e. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, iwájú orí rẹ̀ á máa lu kìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, inú á sì máa rú u. Ó gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ lápọ̀jù, ó gbé parasitamọ́ọ̀lù mì, ó sì jáde.

Míìsì Agnes ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó ọmọ Jàmáíkà ni, ó ń dá gbé ní Forest Hill, òun sì ni Kúbúrá ń kọ́kọ́ tọ́jú láràárọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ kò sí ohun tó ń bọ́ mọ́ ọn létí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, bí Kúbúrá ti ń wọ bàtà fún un, ó ní:

"Kúbúrá, orí ń fọ́ ọ."

"Kò le, Míìsì Agnes. Iṣẹ́ ni."

"Kì í ṣe iṣẹ́. Bó o bá wọlé síbí, ńṣe lò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó o bá fi máa ṣe ibùsùn mi tán, wàá ti máa fi imú kọrin. Iṣẹ́ lò ń ṣe níbí o, síbẹ̀ ibí ni orí ẹ ti ń fúyẹ́. Kí ló wà nílé yín?"

Kúbúrá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ méjì àti ọkọ ló wà nílé wa."

Míìsì Agnes kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ronú sí i, ó sì na ẹsẹ̀ kejì fún un.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀, gbogbo wọn sì wà nílé. Láti àárọ̀ ni Kúbúrá ti gbé ìkòkò ńlá kaná, ẹ̀wà olóyin tí wọ́n máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Ata dín-ín-dín wà lórí ojú kejì. Ó tan ófìnì pẹ̀lú, nítorí òtútù ọjọ́ náà ń gba inú bàtà wọlé. Fèrèsé tì pa, omi sì ń ṣàn lójú gíláàsì rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ó rántí pé alùbọ́sà ti tán. Ó wọ kóòtù, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Rye Lane. Orí rẹ̀ ń fọ́ nígbà tó jáde. Ó yẹ àwọn èèyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta ẹja àtàwọn tó ń ta iṣu, ó ra alùbọ́sà, ó bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òjò, ó sì dúró lábẹ́ òrùlé kan títí òjò fi dẹwọ́ díẹ̀. Ìgbà tó ń padà ló ṣàkíyèsí pé orí náà ti fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ Míìsì Agnes sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ó ṣílẹ̀kùn. Àmírà ló kọ́kọ́ rí, ó da orí lé tábìlì.

"Mọ́mì, Roqeeb ti bì. Mo ti nu ún. My head is banging, mi ò mọ̀ bóyá èmi náà máa bì."

Kúbúrá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà. Kò gbóná. Ó wọ yàrá, ó gbé ọwọ́ lé ti Roqeeb. Tòun náà kò gbóná, àmọ́ ojú rẹ̀ ń yí, bó sì ti fẹ́ dìde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Sàká wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn. Ó mì ín, ó pẹ́ kó tó jí, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, ọkùnrin tí kò tọ́ ọ wò rí.

Ní ìdúró yẹn gan-an ni nǹkan náà tò pọ̀ lórí Kúbúrá. Èèyàn mẹ́ta, kò sí ibà lára ọ̀kankan, orí gbogbo wọn ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun tó jáde, ara òun yá. Ó sáré wọ kíṣìnì, ó wo kúkà náà bí ẹni tí kò rí i rí. Iná tó wà lábẹ́ ẹ̀wà pupa látòkè délẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú.

Ó pa gbogbo iná. Ó ṣí fèrèsé gbayawu, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ dìde. Gbogbo yín, ẹ bọ́ síta. Àmírà, má wá bàtà, jáde." Ó gbé Roqeeb sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n, ó sì ń fi ọwọ́ kan ti Sàká láti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Mítà gáàsì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ọwọ́ ìtìpa rẹ̀ títí ó fi dábùú páìpù, gáàsì sì dúró.

Lábẹ́ òrùlé ẹlẹ́ja ló ti pe nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí wọ́n má padà wọlé, ó sì bi í bóyá ẹnikẹ́ni dákú. Wọ́n dúró níbẹ̀. Òórùn ẹja gba gbogbo ibẹ̀, òtútù sì mú, ojú Roqeeb sì ń là díẹ̀díẹ̀.

Ẹnjiníà tó wá jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì wá pe tọkọtaya náà sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

"Bẹ́ ẹ ṣe ṣí fèrèsé yẹn ti gbé púpọ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ mi ṣì rí i. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni, afẹ́fẹ́ tó ń pani. Kò ní òórùn, ẹ ò lè rí i. Iná gáàsì tó bá jó dáadáa gbọ́dọ̀ rí búlúù. Ojú iná tiyín ti dí, kò sì rí afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà kò jó tán." Ó gbójú sókè. "Ta ló dí ihò afẹ́fẹ́ yẹn?"

Sàká ń wo téèpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Afẹ́fẹ́ tútù ló ń gbà wọlé."

Ẹnjiníà náà kò bá a wí. Ó ní òun ń rí i nílé púpọ̀ lákòókò òtútù. Ó ya téèpù náà, ó fa tówẹ́ẹ̀lì yọ, ó sì ṣàlàyé pé ófìnì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Ó gé kúkà náà kúrò lára páìpù, ó dé ẹnu páìpù náà pa, ó sì lẹ ìwé pupa mọ́ kúkà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó. Ó wo ẹ̀rọ tó ń se omi ìwẹ̀, ó ní ìyẹn kò ní wàhálà. Ó wá ní kí wọ́n máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Wọ́n lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n sì fi ìbòjú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bo imú àwọn ọmọ méjèèjì àti Sàká. Dókítà ní ká ní wọ́n sùn mọ́jú nínú ilé yẹn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Sàká jókòó sórí àga ike, ìbòjú lẹ́nu rẹ̀. Kúbúrá rí i pé ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sún àga tirẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́," ó sọ fún un. "Èmi ni mò ń tan ófìnì. Èmi náà ni mo kí yín kú iṣẹ́."

Sàká mi orí. Omi ń yọ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa yọ.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, ẹ̀wà wà lórí kúkà tó ti kú, kò tíì jinná tán, ó sì ti tutù. Kúbúrá da omi rẹ̀ nù, ó gbé e lọ sílé Bàrákàt, ìyá kan tó ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì, tó sì máa ń bá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni ẹ̀wà náà ti jinná. Látìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọn kò ní iná, Bàrákàt yá wọn ní kíṣìnì rẹ̀. Kò fajú ro sí wọn rí, àmọ́ ìtìjú wà nínú kí èèyàn máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn tìkòkò-tìkòkò, kó máa fi ojú wo bóyá ẹni náà ti fẹ́ jẹun. Kúbúrá á parí iṣẹ́, á lọ dáná nílé Bàrákàt, á fọ abọ́ Bàrákàt mọ́ tirẹ̀, á wá gbé oúnjẹ sọ̀dá. Ọjọ́ tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́tùlù ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀bà, ọbẹ̀ á sì ti inú maikirowéèfù jáde.

Uncle Bánjí kò gbé fóònù. Kúbúrá kò bínú, kò ní agbára ìbínú. Ó kàn lọ dúró dè é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di ilé ìsìn. Nígbà tí ìsìn parí, ó rí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i.

"Uncle, ẹ kú ìsìn o. Mi ò wá jà. Àwọn ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nílé yín. Mo fẹ́ ohun tí mo máa fi dáná."

Ọ̀rọ̀ náà kò dún sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Uncle Bánjí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun kò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti gbé kúkà iná mànàmáná kan wá, pẹlẹbẹ bíi tíréè, gíláàsì dúdú lójú rẹ̀, ojú ìdáná méjì. Indọ́kṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ó ní kò sí èéfín nínú rẹ̀, kò sí gáàsì, àlàáfíà ni. Ó ṣí fèrèsé, ó wo ihò afẹ́fẹ́ dáadáa bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì lọ.

Kúbúrá gbé ìkòkò rẹ̀ tó tóbi jù lé e lórí. Ó tẹ bọ́tìnì. Kúkà náà dún pííp, àmì kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó pa ara rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó gbé ìkòkò kejì, ìkòkò kẹta. Bákan náà ló ń ṣe. Gíláàsì náà kò tilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àmírà wò ó lórí fóònù. "Mọ́mì, aluminium ni àwọn pot yín. Wọ́n ní kì í ṣiṣẹ́ fún irú èyí. Ìkòkò tí magnet bá lè lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ nìkan ló ń gbà."

Ó yọ òòfà kékeré kan lára fíríìjì, ó gbé e sí ìdí ìkòkò. Ó já bọ́. Ó gbé e sí ìdí gbogbo ìkòkò ilé, títí kan èyí tí ìyá Kúbúrá fún un nígbà tó ń bọ̀ wá sí London. Gbogbo rẹ̀ ló já bọ́.

Kúbúrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti sunkún. Nílé ìwòsàn kò sunkún. Kì í ṣe pé àwọn ìkòkò náà ṣe iyebíye. Ó kàn dà bíi pé ohun gbogbo tó mọ̀ nípa ìdáná ti di asán lójú gíláàsì dúdú kan. Àmírà jókòó tì í. Ó ń to àwọn ìdérí ìkòkò lélẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé, Kúbúrá fi òòfà náà sínú àpò, ó lọ sí Rye Lane. Ọkùnrin tó ń ta ìkòkò rí i tó ń gbé e sí ìdí ọjà òun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń dán bí fàdákà kò mú un. Nígbà tó yá, òòfà lẹ̀ mọ́ ìkòkò irin tó wúwo kan tó ní ìdérí, ìdí rẹ̀ sì tẹ́jú. Ìyẹn ló rà. Ìkòkò kan ṣoṣo ni owó ọwọ́ rẹ̀ ká. Ó di pé kó máa se oúnjẹ kan tán kó tó se òmíràn.

Ó ń kọ́ iná tuntun náà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Kì í rí ọwọ́ iná mọ́, nọ́ńbà ló ń wò. Omi ń hó kíákíá ju ti gáàsì lọ, tó fi jẹ́ pé ó jó ata mọ́ ìdí ìkòkò ní ìgbà àkọ́kọ́. Iná mànàmáná sì wọ́n ju gáàsì lọ, nítorí náà kò jẹ́ kí ẹ̀wà máa hó títí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́, á da omi náà nù láàárọ̀, á bo ìdérí dáadáa, bó bá sì ti hó, á dín nọ́ńbà kù. Ìrẹsì tilẹ̀ rọrùn. Bó bá ti hó dáadáa, á pa iná, á gbé ìkòkò náà sílẹ̀ sórí pákó, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ìrẹsì á sì jinná fúnra rẹ̀.

Ti àmàlà ló le jù. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò, Sàká ti dé láti ibi iṣẹ́, ó sì bọ́ bàtà. Kúbúrá da èlùbọ́ sómi, ó mú ọmọ orógùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìkòkò náà yọ̀ lójú gíláàsì, ó yí lọ sápá kan. Bó bá gbé e kúrò lójú ibi tó ń gbóná, kúkà á dún pííp, á sì dákẹ́.

Sàká dìde. Ó fi àkísà mú etí ìkòkò méjèèjì.

"Ẹ máa rò ó," ó wí. "Mo ti mú un."

Ó rò ó. Àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kòkó pọ̀ nínú àmàlà náà, ó sì rọ̀ jù. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíṣìnì tutù, nítorí ihò afẹ́fẹ́ ti ṣí, iná náà kì í sì í mú yàrá móoru. Kóòtù wà lọ́rùn gbogbo wọn lẹ́bàá oúnjẹ.

Míìsì Agnes bi í ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Orí ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Míìsì Agnes. Ẹ ṣeun."

"Ara ńkọ́?"

Kúbúrá ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì bọ inú àpò. Ó ti rò pé gáàsì ló fa gbogbo rẹ̀, pé bí gáàsì bá ti lọ, òun á máa jí bí ọ̀dọ́mọbìnrin. Orí kò fọ́ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yẹn, bó ti ń gun bọ́ọ̀sì, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ojú rẹ̀ ṣì ń wá oorun.

"Ó ṣì ń rẹ̀ mí," ó wí. "Àmọ́ àárẹ̀ iṣẹ́ ni èyí."

Míìsì Agnes ní kó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó lọ sílé ẹni tó kàn. Kúbúrá wo aago ara ògiri, ó rí i pé àyè wà díẹ̀, ó sì jókòó.